Irin òpó tó kúrú lórí dẹ́kìn: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹnjiníà àti ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ irin. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ń kọ́ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Òpó wa jẹ́ mílímítà 225 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, irin 16 mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀.

Ìwé ètò irin ní kí ríńgì jẹ́ 175 láti ìta dé ìta, kí kọnkéré 25 lè bò ó lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó tẹ irin yọ 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ríńgì wá di 200. Bísíkíìtì ò wọ àárín irin àti pákó, ibẹ̀ ni mo ti fura. 12.5 ló máa bò ó. Òjò á tètè mú un dípẹtà. Ìyẹn, mo ti ní kó tẹ òmíràn.

Èyí tó ń dà mí láàmú ni pé irin tó yọ lórí dẹ́kìn kò ju 400 lọ, bẹ́ẹ̀ ìwé béèrè ìlọ́po 40 ìnípọn irin, ìyẹn 640, fún ibi tí irin méjì ti máa gbé ara wọn. A sì ti da dẹ́kìn! Wọ́n ní ká jó wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé iná lè sọ irin náà di ohun tó ń kán. Tí a bá fọ́ kọnkéré wọlé ní 240, ṣé kò ní ba bíìmù jẹ́? Àbí ká lu ihò, ká fi gọ́ọ̀mù kọnkéré ri irin tuntun? Báwo ni yóò ṣe jìn tó? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn.