Báwo ni mo ṣe máa fi dókítà ọ̀dọ́ han àwọn àgbà l'Óṣogbo?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀: Ẹ kú ilé o. Àwọn àgbà àdúgbò wa ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Dókítà ojú kan ń bọ̀ wá bá wọn sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n ní kí n fi í hàn. Mo ju dókítà lọ, àwọn àgbà yẹn sì tó bí i. Àwọn ìjòyè á wà níbẹ̀, aṣojú Àtáọ́ja náà lè wá. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé "wọ́n" ni kí n pe dókítà ni àbí "ó"?

Màmá Ìbejì: Ẹ wá alága ìjókòó tó dáa. Ti mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ mi, obìnrin yẹn ò jẹ́ kí ará ọkọ dìde nílẹ̀ bọ̀rọ̀!

Nọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀: Kì í ṣe ti ìyàwó mà, ìpàdé ni o.

Ọmọ Òròkí: Dárúkọ oyè gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbà fẹ́ràn ẹ̀.

Alàgbà Àdìsá: Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí o bá pe mẹ́sàn-án tí o fo ẹ̀kẹwàá, ẹ̀kẹwàá ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú mọ́. Tètè dé, kí o bi akọ̀wé wọn léèrè àwọn tó ti jókòó àti ẹni tó ṣaájú. Bí aṣojú ọba bá wà níbẹ̀, ọba ni kí o kọ́kọ́ kí: kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Kí alága tẹ̀ lé e, kí o wá kí àwọn yòókù ní oyè-ò-jorí.

Kúnlẹ̀ kí o tó gba máìkì, má sì dìde títí wọn ó fi ní kí o dìde. Lẹ́yìn náà:

"Ẹ̀yin baba, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìjókòó. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Ọmọ yín ni mo mú wá. Ọmọ agbo ilé lágbájá ni. Ìtọ́jú ojú ló kọ́ṣẹ́ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un láyè."

Agbo ilé ni kí o kọ́kọ́ sọ. Bí o bá ka ìwé ẹ̀rí tán, wọ́n á ṣì máa bi ara wọn pé, "Ọmọ ta ni?" Bí kì í bá ṣe ará ibí, dárúkọ ìlú ẹ̀. Bí òwe bá sì bọ́ sí ọ lẹ́nu, sọ pé "tótó ó ṣe bí òwe o", kí o dákẹ́ títí wọn ó fi dáhùn pé "wàá rí òmíràn pa". Ọmọdé tó bá ń sáré kọjá ibẹ̀, ojú ń tì mí fún un.

Tíṣà Ìgbọ̀nà: "Wọ́n" ni kí o pè é. Ipò dókítà lò ń bọ̀wọ̀ fún.

Alàgbà Àdìsá: Níwájú àgbà? O pè é ní "ọmọ yín", o tún sọ ọ́ di "wọ́n"?

Tíṣà Ìgbọ̀nà: Nílé ìwòsàn, àwọn àgbà náà ló ń kí i pé "Ẹ káàárọ̀, Dókítà."

Alàgbà Àdìsá: Nílé ìwòsàn nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀: Ẹ ṣé gan-an. Ará Ìkìrun ni. Màá bi í léèrè agbo ilé wọn lálẹ́ yìí.