Báwo ni mo ṣe lè fi ìtàkùrọ̀sọ gígùn pẹ̀lú oníbàárà tún àpilẹ̀kọ ìrànlọ́wọ́ kọ?

Ẹni tó bèèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní kí n fi ìtàkùrọ̀sọ gígùn kan tún àpilẹ̀kọ ìrànlọ́wọ́ wa kọ, kí ó ní ìṣòro, ohun tó fà á, ìgbésẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú. Áàpù orí fóònù oníbàárà náà ń pèsè kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà fún ìwọlé, ṣùgbọ́n "Invalid code" ló ń rí. Òṣìṣẹ́ wa ní kó yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, ó ní kó lo kọ̀ǹpútà mìíràn, ó tilẹ̀ dábàá pé kó yọ áàpù náà kúrò kó tún un gbé sórí fóònù. Nígbẹ̀yìn, oníbàárà pa fóònù, ó tún un tàn, ó sì jẹ́ kí aago rẹ̀ máa tún ara rẹ̀ ṣe, kóòdù sì wọlé. Ṣé kí n to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra?

Ìdáhùn kìíní: Ẹ tò ó bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a fi nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tó fà á kò ṣòroó mọ̀: agbègbè àkókò tó wà lórí fóònù kò bá ibi tí oníbàárà wà mu. Ẹ kàn ní kí wọ́n yí i padà.

Ìdáhùn kejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tò ó bẹ́ẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ṣe ń táràkà kiri ni ìtàkùrọ̀sọ ń fi hàn, kò sì sí ohun tí ẹni tí kò rí àkáǹtì rẹ̀ wọ̀ fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ibi tí oníbàárà ti sọ pé ó ti wọlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á padà sẹ́yìn. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí i pé nǹkan méjì ló ṣe pọ̀, ìyẹn títún fóònù tàn àti títún aago ṣe, nítorí náà ìtàkùrọ̀sọ náà nìkan kò tó láti fi mọ èyí tó yanjú ọ̀rọ̀. Ẹ mú fóònù àti àkáǹtì ìdánwò, ẹ ti aago síwájú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ gbìyànjú láti wọlé. Bí ó bá kọ̀, ẹ tún fóònù nìkan tàn, kí ẹ tún gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tún aago ṣe.

Ní ti agbègbè àkókò, ẹni tó ṣáájú mi sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò bá a. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí áàpù gbà nígbà ìforúkọsílẹ̀ àti àkókò àgbáyé ló fi ń ṣírò kóòdù, tó sì sábà máa ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Agbègbè tí kò tọ̀nà kò yí àkókò àgbáyé padà. Ìgbà tí ẹni náà bá fi ọwọ́ ti aago kí ó lè bá aago ara ògiri mu ni wàhálà dé. Bí ẹ bá kọ "ẹ yí agbègbè padà," ẹlòmíràn á yí i, á sì fi aago tó ti bàjẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn kẹta: Èmi náà ní irú rẹ̀. Kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà mi kì í dé rárá, mo sì ti tún aago ṣe títí.

Ìdáhùn kejì: Tiyín yàtọ̀, ọ̀rẹ́ mi, aago kò kan àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò dé. Ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ́ kí a rí i pé ìlà ìṣòro gbọ́dọ̀ sọ ibi tí kóòdù ti ń wá.

Ẹni tó bèèrè: Mo ti ṣe ìdánwò náà. Títún fóònù tàn nìkan kò yí nǹkan kan padà. Bí mo ṣe tún aago ṣe báyìí ló gbà. Ohun tí mo kọ nìyí:

*Ìṣòro:* Áàpù orí fóònù yín ń pèsè kóòdù, ṣùgbọ́n ojú ìwé ìwọlé ń sọ pé "Invalid code."
*Ohun tó fà á:* Aago fóònù ti fi ìṣẹ́jú mélòó kan yàtọ̀ sí àkókò gidi.
*Ìgbésẹ̀:* Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, General, Date & Time, kí ẹ tan Set Automatically. Lórí Android, ẹ wá Date & time nínú Settings, kí ẹ ṣe bákan náà. Ẹ dúró kí kóòdù tuntun jáde, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.
*Ìgbà tó yẹ kí a gbé e lọ síwájú:* Bí kò bá ṣiṣẹ́.

Ìdáhùn kejì: Ìlà tó kẹ́yìn yẹn kò tíì tó. Ẹ kọ ọ́ pé bí aago bá ti tọ̀nà, tí kóòdù tuntun méjì kò gbà, tí oníbàárà kò sì ní kóòdù ìpamọ́, kí ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó láṣẹ láti yẹ ìdánimọ̀ wò. Kí wọ́n fi irú fóònù, àkókò tí wọ́n gbìyànjú, àti ohun tí ojú fóònù sọ ránṣẹ́. Kí wọ́n má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tàbí kóòdù ìpamọ́ kankan sí i. Ẹni tí fóònù rẹ̀ sọnù kò nílò ìgbésẹ̀ kankan níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni kó gbà lọ tààrà. Ẹ sì kọ ọ́ sókè pé kí wọ́n má yọ áàpù náà kúrò, nítorí kọ́kọ́rọ́ lè bá a lọ bí wọn kò bá tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ìdáhùn kìíní: Mo gba ti agbègbè àkókò, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ti ìkìlọ̀ yẹn kò yé mi: ẹni tí kò ronú àtiyọ áàpù tẹ́lẹ̀ lè tìtorí rẹ̀ rò ó.

Ìdáhùn kejì: Òṣìṣẹ́ tiwọn gan-an ló dábàá rẹ̀ nínú ìtàkùrọ̀sọ yìí.

Ẹni tó bèèrè: Bóyá kí n fi ìkìlọ̀ náà sínú ẹ̀dà tí òṣìṣẹ́ nìkan ń rí ná. Màá bi ọ̀gá wa léèrè bóyá ó yẹ kó wà nínú ti oníbàárà pẹ̀lú.