Ìlà ≥ nínú pípo epo bẹntiróò: ṣé kí n yí àmì ìlà ọ́kítéènì padà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ ká fi epo méjì ṣe àpẹẹrẹ: x1 (ọ́kítéènì 86, ₦400 ní lítà kan) àti x2 (96, ₦600). Àpòpọ̀ wọn kò gbọdọ̀ dín ní lítà 100, ọ́kítéènì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 91. Mo fẹ́ fi ọ̀nà simplex onípele méjì dín iye owó z = 400x1 + 600x2 kù. Ìlà ọ́kítéènì, 86x1 + 96x2 ≥ 91(x1 + x2), di -x1 + x2 ≥ 0. Mo yọ àṣẹ́kù s, mo fi oníyípadà àtọwọ́dá a kún un:

```
 x1 + x2 - s1 + a1 = 100
-x1 + x2 - s2 + a2 = 0
```

Ní ìpele kìíní, à ń dín w = a1 + a2 kù. x2 ló kọ́kọ́ wọlé, a2 ló sì gbọdọ̀ jáde, torí pé 0 ni ìpín rẹ̀. Bí èèyàn bá fo òdo yẹn tó yọ a1, a2 á di -100, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Tí x1 bá wọlé tẹ̀ lé e, w á di 0, epo kọ̀ọ̀kan á jẹ́ lítà 50.

Ní ìpele kejì, mo pa a1 àti a2 rẹ́, mo sì tún ìlà iye owó kọ: z = 50000 + 500s1 + 100s2. Kò sí iye tó kéré sí òdo níbẹ̀, ó ti parí.

Ìbéèrè mi rèé: bí mo bá fi -1 sọ ìlà kejì di x1 - x2 + s2 = 0, kò nílò a2 mọ́. Bí x2 bá wọlé, ìpele kìíní á parí ní ìgbésẹ̀ kan, àmọ́ x2 = 100 ni yóò gbé sílẹ̀, ní ₦60,000, ìpele kejì á wá gba ìgbésẹ̀ kan sí i. Èrè dà níbẹ̀? Tí ìlà ọ́kítéènì, sọ́fọ̀ àti bẹnsíìnì bá pọ̀, tí gbogbo wọn ní 0 lápá ọ̀tún, èwo lẹ máa ń lò, kí sì nìdí?