Owó oṣù ẹni tuntun, àti Ìyá Ìbejì tó ti wà nílẹ̀

Ìyá Ọlọ́ràá, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹni tó bá ti gba èèyàn rí fún iṣẹ́ tí kò sí nílé iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ iye tó yẹ kẹ́ ẹ san? Èmi á kọ́kọ́ sọ tèmi.

Gàrí ni mò ń dì sínú ọ̀rá. Mò ń kó o fáwọn ṣọ́ọ̀bù láti ibí dé Ṣàgámù. Èèyàn márùn-ún ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, awìn pọ̀ débi pé n kò mọ ẹni tó jẹ mí àti iye tó jẹ mí mọ́. Mo wá ní màá gba ẹnì kan tí á máa ka ọjà tó wà nílẹ̀, tí á máa kọ èyí tó jáde, tí á sì máa pe àwọn tó jẹ wá lówó.

Mo kọ ọ́ síta pé ₦60,000 sí ₦120,000 ni owó oṣù. Mo rò pé bí mo bá fẹ̀ ẹ́ báyẹn, èèyàn á pọ̀ tí màá lè ṣà nínú wọn. Wọ́n pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ 120 ni gbogbo wọn rí. Ọmọbìnrin tó wù mí jù ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo bi í pé èló ló ń gbà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ní 65. Mo ní màá san 75. Lójú tèmi, mo ti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lé e. Ojú tirẹ̀ kò túká rárá, torí 120 ló bá wá.

Ọ̀sẹ̀ méje ló lò. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ṣí ìwé kékeré kan hàn mí: ₦800 àlọ, ₦800 àbọ̀, ọjọ́ 24 lóṣù, ₦38,400. Nínú 75 tí mo ń yangàn sí, ₦36,600 ló ń kù sí i lọ́wọ́.

Èyí tó dùn mí jù ṣì wà níwájú. Ìyá Ìbejì ti ń bá mi di gàrí láti ọdún méje, ₦62,000 sì ni mò ń fún un. N kò mọ ẹni tó sọ iye ọmọ tuntun yẹn fún un. Kò bá mi jà, kò sọ nǹkan kan. Aago méje ààbọ̀ ló máa ń dé tẹ́lẹ̀, ó wá ń dé ní mẹ́sàn-án. Tó bá lẹ ọ̀rá tán, ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá afẹ́fẹ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀rá mọ́kànlá ni wọ́n dá padà fún mi láti Ṣàgámù, gbogbo wọn ti ṣí lẹ́nu, gàrí inú wọn sì ti rọ̀.

Mo fẹ́ gba ẹlòmíràn báyìí. N kò fẹ́ ṣe àṣìṣe yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Onírun Ìkẹ́nnẹ́
Àbúrò mi, ta ló ń san owó oṣù fún ọmọ iṣẹ́? Èmi ní mẹ́ta lọ́dọ̀ báyìí, ọdún mẹ́ta la kọ sínú ìwé. Mò ń fún wọn lówó oúnjẹ ọ̀sán, tó bá di ìgbà Ojúde Ọba tí irun bá pọ̀, mo máa ń fi nǹkan sí i. Tí wọ́n bá gba òmìnira, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ìyá Ọlọ́ràá, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ ṣeun, mà. Àmọ́ kì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mò ń wá. Ẹni tí á máa gba owó oṣù ni.

Alágbàdo Ògèrè
Ẹ má jẹ́ kí ₦70,000 tí ìjọba ní kí owó oṣù má ṣe rẹlẹ̀ sí dẹ́rù bà yín. Òfin yẹn yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ mi, ₦45,000 ni mò ń san fún un, kò sẹ́ni tó mú mi. Ohun tí ọwọ́ yín bá ká ni kẹ́ ẹ san.

Bàbá Ṣàgámù
Ọdún 22 ni mo lò ní ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. Arákùnrin Ògèrè kò parọ́, òfin yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá iṣẹ́ kò yọ yín sílẹ̀. Láti 2024 tí wọ́n ti kéde 70,000, tí ìjọba Ògùn sì ní 77,000 lòun á san, iye yẹn ni gbogbo ọmọ tó mọ̀wé fi ń wọn owó tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́. Arákùnrin, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín: ẹni mélòó ló ti ṣọ́ sítọ́ọ̀ yẹn láàárín ọdún méjì?

Ìyá Ọlọ́ràá, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn nǹkan méjì kí n tó sọ ohunkóhun. Nínú oṣù mẹ́fà tó kọjá, oṣù wo ni èrè yín kéré jù, èló ló sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ san ohun gbogbo, tó fi mọ́ owó tí ẹ̀yin fúnra yín ń mú lọ sílé? Èkejì, ìlú ibo lẹ ti wádìí iye tí wọ́n ń san?

Alágbàdo Ògèrè
Ẹni mẹ́rin, sà. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ló ṣìkẹrin.

Ìyá Ọlọ́ràá, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú iṣẹ́, sà. Oṣù tó kéré jù, ₦150,000 ló ṣẹ́ kù. Oṣù tó dáa jù lé ní 400, òun ni mo gbójú lé nígbà tí mo kọ 120. Ní ti ìwádìí, àbúrò ọkọ mi tó wà ní Ìkẹjà ni mo bi.

Bàbá Ṣàgámù
Ibi tó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ fi owó oṣù tó dáa ṣèlérí, oṣù tí kò dáa lẹ máa fi san án. Bákan náà, ọmọ tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde kò ní lọ ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, ẹ má fi owó Ìkẹjà wọn iṣẹ́ yín.

Ẹ ṣe é báyìí. Nínú 150 yẹn, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ tuntun yìí kọjá 100, kí ìyókù wà fún ọjọ́ tí pákí bá wọ́n. Àmọ́ 100 yẹn kì í ṣe owó oṣù o. Ṣé ẹ máa ń fún wọn ní owó oṣù kan lé lápá ìparí ọdún? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́tàlá lẹ ń san. Dátà àti owó ìpè tí yóò fi máa pe ajẹgbèsè ńkọ́? Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tún wà fún owó ìtọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Èyí kò yọ ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ilé iṣẹ́ márùn-ún tó tó tiyín ní ìlú yín. Ẹ má bi ọ̀gá, òṣìṣẹ́ ni kí ẹ bi.

Ọmọ Ìlíṣàn
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, èmi tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́. Ilé ìtajà kan kọ ọ́ síta pé "owó tó dáa". Mo wọ ọkọ̀ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó dárúkọ iye, ₦50,000. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí lọ́jọ́ kìíní ni èló ni mò ń gbà tẹ́lẹ̀. Mo ti ń gba 48 nígbà náà torí pé bàbá mi ń ṣàìsàn, ohunkóhun tí mo bá rí ni mò ń gbà. Ṣé ìyẹn ló yẹ kó pinnu iye tí iṣẹ́ tiwọn tó? Ìyá Ọlọ́ràá, ẹ dáríjì mí, ohun tí ẹ ṣe fún ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn náà nìyẹn.

Ìyá Ọlọ́ràá, Ìjẹ̀bú-Òde
Òtítọ́ lo sọ, ọmọ mi. N kò tún ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ìyẹn mọ́.

Bàbá, mo ti padà dé. Mo bi òṣìṣẹ́ márùn-ún nítòsí Òkè Ajé, àwọn tó ń kọ ọjà sílẹ̀ tí wọ́n sì ń di owó mú. Iye tí wọ́n dárúkọ ni 60, 65, 70, 80 àti 90. Ẹni tó ń gba 90, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń tilẹ̀kùn, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, n kò ka tiẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi 70 ṣe ìsàlẹ̀.

Ní ti òkè, mo yọ ₦3,000 fún ìpè àti dátà, mo yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yẹn, mo wá pín ìyókù ọdún kan sí oṣù mẹ́tàlá bí ẹ ṣe wí. ₦88,000 àti díẹ̀ ló gbé mi dé. Mo ti fẹ́ kọ 70 sí 88 síta.

Bàbá Ṣàgámù
Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì fún wa? Iye tó ń gbà ṣì jẹ́ 62.

Ìyá Ọlọ́ràá, Ìjẹ̀bú-Òde
Mo gbé fóònù sílẹ̀ nígbà tí mo ka ìyẹn, sà. Mo lọ jókòó tì í níbi tó ti ń di gàrí. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, mo ṣẹ̀ yín." Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, pé ọmọ òun kan fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC.

Mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Màá fi ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kún tirẹ̀, kó di 68, màá fi mẹ́rin kún ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lóṣù nìyẹn, tí a bá sì fi owó ìparí ọdún kún un, ó lé díẹ̀ ní ₦10,800. Inú 100 yẹn náà ni mo ti yọ ọ́. Òkè wá já wálẹ̀ láti 88 sí 78. 70 sí 78 ni màá kọ síta, màá sì kọ ọ́ pé ẹni tó ń gbé nítòsí ni kó wá, torí n kò ní owó ọkọ̀ láti fi kún un.

Bàbá Ṣàgámù
Ó mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ ẹ má gba ẹnikẹ́ni wọlé sí 78. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lókè, tí ọdún bá yí, kí lẹ fẹ́ fi kún un? Ẹ kọ ohun tó ń gbé èèyàn kúrò ní ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó rí ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kàn mọ ìwé kọ, 70. Ẹni tó ti ka ọjà rí ní ibòmíràn, 73 tàbí 74. 78 jẹ́ ti ẹni tó lè mú ìwé awìn àti owó inú báńkì bára dọ́gba láìsí pé ẹ dúró tì í. Kí ẹ sì rántí pé ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni òfin ní kí wọ́n máa tún 70,000 yẹn gbé yẹ̀ wò. 2024 ni wọ́n ṣe é.

Alágbàdo Ògèrè
Bàbá, n kò fara mọ́ kíkọ iye síta. Tí mo bá kọ 70 sí 78, gbogbo ọmọ tó wà nílé mi á kà á, ojú kan náà ni wọ́n á wá bá mi.

Ọmọ Ìlíṣàn
Sà, wọ́n á gbọ́ ọ náà ni. Ìyá Ìbejì gbọ́ ọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ síta.

Onírun Ìkẹ́nnẹ́
Ó ti wá yé mi wàyí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ kò fún Ìyá Ìbejì níṣẹ́ náà fúnra rẹ̀? Ọdún méje! Ó mọ gbogbo àwọn oníbàárà yín.

Ìyá Ọlọ́ràá, Ìjẹ̀bú-Òde
Mo bi í léèrè lánàá, mà. Ó ní òun lè ka ọjà, òun lè kọ ọ́, àmọ́ òun ò lè máa pe èèyàn torí gbèsè, pé ìjọ kan náà lòun àti mẹ́ta nínú wọn ń lọ. Mo ní kó rò ó di Ọjọ́rú. Bóyá kí n pín iṣẹ́ náà sí méjì ni, n kò tíì mọ̀. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, aago méje ààbọ̀ ku ìṣẹ́jú márùn-ún ló dé.