Ikọ́ tó "fún un lọ": gífù ọ́ọ̀pù, gífù íìnì, gífù àwéè

Tíṣà Kétu: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin níbí. Mo fún wọn ní ìtàn olè kan pé kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, ọmọ kan wá kọ ọ́ pé "ikọ́ rẹ̀ fún un lọ". Gífù àwéè ló wà níbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ ìtumọ̀ gífù ọ́ọ̀pù, gífù íìnì àti gífù àwéè nígbà tó jẹ́ pé "fún" ni gífù, tí ìyókù ò sì bá a mu? Orúkọ wo la sì lè máa pe irú ọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá?

Ọmọ Ṣábẹ: Tíṣà, kò le tó bẹ́ẹ̀ o. Òkè ṣáà ni ọ́ọ̀pù, ẹni tí wọ́n ká mọ́ á gbé ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sókè, òun ni gífù ọ́ọ̀pù. Íìnì, inú ni, ó gbà wọ́n sínú nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fi yé àwọn ọmọ báyìí wọn ò ní gbàgbé mọ́. Àwéè nìkan ni mi ò tíì rí tiẹ̀ ṣe.

Ìyá Aláṣọ, Àjàṣẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, àwéè yẹn gan-an ló bí mi nínú lọ́jọ́ kan. A lọ ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó, a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ wá béèrè pé ta ló ń gífù ọmọbìnrin yìí àwéè. Èmi tí mo ti ń bá àwọn ará Èkó tajà tipẹ́, mo mọ gífù mo sì mọ àwéè, mo ní há à, ọmọ tá a tọ́, tá a rán lọ síléèwé, òun lẹ fẹ́ fi tọrẹ? Mi ò gbádùn ìrẹsì wọn lọ́jọ́ náà. Kí ló yẹ ká máa pè é tí kò fi ní dà bíi pé a gbé ọmọ sọ nù?

Bàbá Olùtumọ̀, Àjàṣẹ́: Ìyá, ẹ má bínú, fífa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́ ni pásítọ̀ ń sọ. Èyí tẹ́ ẹ gbọ́ náà kì í ṣe irọ́ o, torí tí oníṣọ́ọ̀bù bá ń pín ọjà lọ́fẹ̀ẹ́, gífù àwéè náà ni. Ti olè tí Tíṣà ń bi wá yìí ló wá ṣe ẹ̀kẹta, ikọ́ ló tú u fó. Ohun tó yẹ kí ọmọ yẹn kọ́kọ́ wò ni ẹni tó ṣe é àti ohun tó ṣe é sí. Ikọ́ ò lè tọrẹ, kò sì lè fa ìyàwó léèyàn lọ́wọ́, kí ló wá kù tí ikọ́ lè ṣe fẹ́ni tó sá pa mọ́?

Ọmọ Ṣábẹ, ìtàn ọwọ́ sókè yẹn dùn, àmọ́ ẹni tó bá jẹ oúnjẹ tán, Gẹ̀ẹ́sì á ní ó íìtì ọ́ọ̀pù, ẹni tó lo nǹkan tán, ó yúùsù ọ́ọ̀pù. Kò sí òkè níbẹ̀, "tán" ni ọ́ọ̀pù ń ṣe. Ìyẹn náà ò sì gbé wa dé ilé, torí ẹni tó gífù sìgá ọ́ọ̀pù kò fún ẹnikẹ́ni ní sìgá tán, ó jáwọ́ nínú ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìrètí, ó sọ ìrètí nù. Tó bá jẹ́ ìjókòó nínú ọkọ̀, ó dìde fún àgbàlagbà. Tó bá jẹ́ ara ẹ̀, ó jọ̀wọ́ ara ẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń yí padà níbi tí Gẹ̀ẹ́sì dúró sójú kan. Mi ò lè túmọ̀ gífù ọ́ọ̀pù fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó sọ ohun tí wọ́n gífù ọ́ọ̀pù fún mi.

Àwọn ọmọ wa níbí, ojú Faransé ni wọ́n fi ń wo Gẹ̀ẹ́sì. Faransé ní abáńdọné fún jíjáwọ́, ó ní sẹdé fún gbígbà fúnni, ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú gífù lọ́tọ̀, tí wọ́n ń mú àwéè lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá fi ojú Yorùbá wò ó ni, ì bá yé wọn kíá. "Ìyá mi bá mi wí." Ẹ gbé e fún àlejò tó mọ bá, tó sì mọ wí, á ní ìyá ẹ bá ẹ sọ̀rọ̀, kò ní mọ̀ pé ẹkún lo sun lọ́jọ́ náà. "Ó ba aṣọ jẹ́" ńkọ́? Ta ló lè rí ìbàjẹ́ nínú bà lásán tàbí nínú jẹ́ lásán? Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni gírámà wa ń pè é, torí aṣọ là á láàrin.

Ọmọ Ṣábẹ: Bàbá, ó ti parí nìyẹn, ẹ jẹ́ ká pe ti Gẹ̀ẹ́sì náà ní ẹlẹ́là!

Bàbá Olùtumọ̀: Ó kan àwọn kan, kò kan gbogbo wọn. Gífù ṣíwájú, hímù tó dúró fún olè náà sáàrin, àwéè kẹ́yìn, bí a ṣe ń sọ pé ó bà á jẹ́ náà ni, ẹ ò sì lè gbé hímù yẹn sẹ́yìn àwéè láéláé. Àmọ́ gífù íìnì ò gba ẹnikẹ́ni sáàrin tó bá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n rọ̀ títí tó fi gbà là ń sọ. Tó bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó gbà fún, túù ló máa fi tẹ̀ lé íìnì kó tó dárúkọ ẹ̀. Tí ọmọ bá lọ ki iṣẹ́ àmúrelé sáàrin gífù àti íìnì, ọ̀rọ̀ ti yí padà, ó ti di pé ó kó iṣẹ́ ẹ̀ fún tíṣà. Bí gbàgbọ́ àti gbàgbé tiwa ni, mo gbà ọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ pé mo gbà ọ́ gbé.

Ọmọ Ṣábẹ: Ẹ ṣé, Bàbá, mo ti rí i. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, "ọ̀rọ̀-ìṣe onírù" ńkọ́? Gífù ni ara, ọ́ọ̀pù, íìnì àti àwéè ni ìrù.

Ìyá Aláṣọ: Ajá tí wọ́n gé nírù, ajá náà ni. Ṣé gífù tẹ́ ẹ gé ọ́ọ̀pù ẹ̀ kúrò ṣì jẹ́ jíjáwọ́? Èmi tí mò ń ta àdìrẹ, ohun tó jọ lójú tèmi ni aró. Ewé ẹ̀lú, ewé tútù ni, omi eérú ò sì ní àwọ̀ kan tó wuni, àfi tí wọ́n bá pàdé nínú ìkòkò, tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kó o tó ri aṣọ bọ̀ ọ́, kó o wá fà á jáde síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ìgbà yẹn ni búlúù tó ń jáde. Ẹ pè é ní "ọ̀rọ̀-ìṣe àpòpọ̀".

Bàbá Olùtumọ̀: Ìyá, àfiwé yìí wọ̀ mí lára, ó ju ìrù lọ dáadáa. Ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ ni pé ẹni tó ti po aró ò lè yọ eérú nínú ẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ a ṣì ń rí hímù tó ń gba àárín gífù àti àwéè kọjá.

Ìyá Aláṣọ: Ìtumọ̀ ni mo sọ pé ó pò pọ̀, Bàbá, mi ò sọ̀rọ̀ ìjókòó wọn.

Tíṣà Kétu: Ẹ ṣé gan-an ni. Èmi á kọ onírù àti àpòpọ̀ méjèèjì sójú pátákó, ẹ jẹ́ kí n wo èyí táwọn ọmọ máa gbé mì. Mo tún ìtàn náà kọ báyìí: "Olè náà sá sẹ́yìn àká, ikọ́ tú u fó. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jáde, kò gbà fún wọn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀." Mo fẹ́ kọ "kò juwọ́ sílẹ̀" síbi "kò gbà fún wọn", ọwọ́ mi ń ṣe ségesège lórí ẹ̀.

Bàbá Olùtumọ̀: Fi "gbà fún" síbẹ̀. Ìyá tí ọmọ ń sunkún súìtì sí létí títí tó fi rà á fún un, ó gífù íìnì nìyẹn, àmọ́ a ò lè sọ pé ó juwọ́ sílẹ̀. Ẹni tí agbára ẹ̀ pin ló ń juwọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń bá olè yẹn jà ni, mi ò bá ní kó o kọ ọ́, ṣùgbọ́n o ní wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni.

Ọmọ Ṣábẹ: Wọ́n bẹ olè? Ní Ṣábẹ ńbí kẹ̀, wọ́n á ti wó àká yẹn lé e lórí.