Àwọn nọ́ọ̀sì wa ń lọ, "jápa" ni gbogbo wọn ń kọ sí fọ́ọ̀mù. Kí ni mo fẹ́ gbé fún àwọn ọ̀gá?

Bísọ́lá A.
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọsibítù aládàáni kan ní Èkó ni mo wà, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mò ń rí sí. Láti Jánúárì sí Júùnù, nọ́ọ̀sì 23 ló fiṣẹ́ sílẹ̀, 14 nínú wọn ló jókòó ṣe ẹ́síìtì ìntáfíù kí wọ́n tó lọ. Fọ́ọ̀mù tí mo bá níbẹ̀, "kí ló dé tí o fi ń lọ?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́, àpótí téèyàn máa máàkì wà lábẹ́ ẹ̀. Èèyàn 11 ló kọ jápa tàbí "mo ríṣẹ́ tó sàn jù." Ọ̀gá àgbà fẹ́ ripọ́ọ̀tù, ó sì ti ń sọ ọ́ kiri pé gbogbo ayé ló ń jápa, kí la fẹ́ ṣe sí i. Tí mo bá gbé 11 yẹn fún un, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú àwọn tó kọ jápa yẹn tó jẹ́ pé ọsibítù tó wà ní òdìkejì títì ni wọ́n lọ o! Báwo ni kí n ṣe tún ìbéèrè yìí tò?

Lámídé
Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jókòó mọ́ jàre. Ẹ fún wọn ní fọ́ọ̀mù tí kò ní orúkọ, kí wọ́n fún nǹkan kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5, owó oṣù, ọ̀gá, ibi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa parọ́ níbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Wùmí
Lámídé gbà á ní apá kan, ìbẹ̀rù ló ń mú wọn parọ́. Àmọ́ wọ́ọ̀dù tó ní nọ́ọ̀sì mẹ́rin, tí ọ̀kan ṣoṣo lọ lóṣù yẹn, ta ni kò ní mọ ẹni tó kọ ọ́? Tí ìṣàkóso bá sì gba 2 nínú 5, kí ni ọ̀gá fẹ́ fi ṣe, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bísọ́lá, ẹ yọ "kí ló dé" yẹn kúrò ní iwájú. Tí wọ́n bá bi èèyàn pé kí ló dé, ìdáhùn tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú ló máa wá, jápa sì dáa fún ìyẹn gan-an torí kò sẹ́ni tó lè bá a jà sí i. Ẹ béèrè ìgbà. "Ìgbà wo ló kọ́kọ́ wá sí ẹ lọ́kàn pé wàá wá ibòmíràn? Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn?" Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ má ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, "ta lo sọ ọ́ fún níbí, kí ló sì ṣe sí i?" Èyí máa jẹ́ kẹ́ẹ mọ̀ bóyá ẹ ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ tẹ́ẹ dijú sí i. Ẹ wá fi èyí kún un: "ká ní físà yẹn ò jáde, tàbí iṣẹ́ kejì yẹn ò wá, ṣé wàá ṣì wà níbí lọ́dún tó ń bọ̀?" Ẹni tó bá ní rárá, ìlú òyìnbó kọ́ ló fà á, ọ̀dọ̀ yín ló ti ń sá.

Ẹ má sì bi wọ́n pé "ṣé mátírọ́ọ̀nù ò bọ̀wọ̀ fún ẹ ni?" Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu nìyẹn.

Ìyá Kòfo
Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì lèmi náà, mò ń lọ ní ìparí oṣù. Ṣé kí n sọ òótọ́ fún wọn àbí kí n rẹ́rìn-ín kí n lọ? Wọn ò tíì fún mi ní lẹ́tà, owó oṣù tó gbẹ̀yìn náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Bọ̀ọ̀dá Wùmí
Àǹtí, èmi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ẹ sọ ọ́ tàbí kẹ́ẹ máà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Bísọ́lá, ṣé ẹ rí ohun tó fà á? Látìgbà tí Kánsù àwọn nọ́ọ̀sì ti gbé ìlànà wọn jáde ní Fẹ́búárì 2024 pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fìdí ìwé òun múlẹ̀ fún òkè òkun gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà ìwà rere lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ ẹ̀, ta ló fẹ́ ṣẹ ọ̀gá? Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà àti owó ti bọ́ sọ́wọ́ wọn ná, kẹ́ẹ tó ní kí wọ́n wá jókòó. Mátírọ́ọ̀nù wọn ò sì gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá yẹn.

Táyọ̀ Líìdì
Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n jókòó rárá kí wọ́n tó lọ. Ẹ dúró bí oṣù mẹ́ta, kẹ́ẹ wá pè wọ́n. Inú ti rọ̀ nígbà yẹn.

Bọ̀ọ̀dá Wùmí
Ó dáa, àmọ́ lóṣù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní gbé fóònù, àwọn tó bá sì gbé e lè jẹ́ àwọn tó fẹ́ràn yín jù tàbí àwọn tínú ń bí jù.

Bísọ́lá A.
Mo padà dé o. Mo pe gbogbo àwọn 23, mẹ́sàn-án ló gbé e. Ìbéèrè ìgbà yẹn ló tú gbogbo ẹ̀ síta! Méje nínú mẹ́sàn-án ló dárúkọ rosta. Alẹ́ Sọ́ńdè ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Ọ̀kan ní òun ti sanwó ẹni tó máa bá òun wo ọmọ, òun dé ibi iṣẹ́ lárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n ní náìtì lòun wà, òun sì tún padà wá lálẹ́. Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́. Jápa ló sì kọ sí fọ́ọ̀mù! Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ èyí tí wọn ò fi ní sọ pé àròyé àwọn obìnrin ni?

Bọ̀ọ̀dá Wùmí
Ẹ ṣí Excel, ìlà kan fún èèyàn kan, òpó kan fún ọ̀rọ̀ kan. Tó bá dárúkọ rosta, ẹ kọ 1, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló pè é. Èèyàn lẹ̀ ń kà o, kì í ṣe iye ìgbà tí wọ́n pè é, torí ẹnì kan tínú ń bí lè kún gbogbo ripọ́ọ̀tù yín.

```
=COUNTIF(D2:D10,1)
```

Kí ẹlòmíràn náà ka àkọsílẹ̀ yẹn kó fi 1 tiẹ̀ síbi tó rò pé ó yẹ, kí tiyín tó dé ọwọ́ ẹ̀. Ibi tí kò bá ti bára mu, ẹ tún un wò.

Ripọ́ọ̀tù ò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Nọ́ọ̀sì 23 lọ, a rí 9 bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. 7 nínú wọn ní rosta tó ń jáde lálẹ́ Sọ́ńdè wà lára ohun tó lé wọn. A ò rí 14 yòókù bá sọ̀rọ̀." Ẹ má kọ "ìdá méjìdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún" o, mẹ́sàn-án ò tó nǹkan téèyàn ń ṣe ìdá fún. Ìtàn ọmọ yẹn, ẹ yọ ohun tó máa tú u fó, wọ́ọ̀dù àti ọjọ́. Ẹ wá fi nǹkan kan tí wọ́n lè dán wò sí i: kí rosta máa jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ní wọ́ọ̀dù méjì fún oṣù mẹ́ta, kí ẹnì kan pàtó sì wà tó ń mójú tó o.

Ohun kan ṣì kù tẹ́ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kẹ́ẹ tó kọ ọ́. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ rosta lọ́wọ́ àwọn tó ṣì wà. Tí àwọn náà bá ń kùn bákan náà tí wọn ò sì lọ, nǹkan mìíràn ló kù tẹ́ẹ ò tíì rí.

Táyọ̀ Líìdì
Kí wọ́n kúkú dárúkọ ẹni tó ń ṣe rosta yẹn.

Bísọ́lá A.
Ẹnì méjì tún sọ pé dókítà kan ń fọwọ́ kan àwọn. Mo ti ṣèlérí fún wọn pé mi ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni.

Bọ̀ọ̀dá Wùmí
Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ripọ́ọ̀tù mọ́. Ọ̀nà ẹ̀sùn ló yẹ kó gbà, lọ́tọ̀, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ máa sọ fún wọn kí wọ́n tó la ẹnu pé irú èyí ò ṣeé bò. Ti àwọn méjì yìí, ẹ tún wọn pè lónìí, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gbà kẹ́ẹ gbé e lọ.

Lámídé
Tí wọ́n bá ní rárá ńkọ́?

Bísọ́lá A.
Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn. Ọ̀kan ti ní rárá.