Ọbẹ̀ tó ṣàn: ṣé “mú un nípọn” ni, “mú un ki” ni, tàbí “jẹ́ kí omi rẹ̀ fà”?

Olùtumọ̀, Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin àgbà, mò ń túmọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwé náà sọ pé a lè gbà tún ọbẹ̀ tí omi rẹ̀ pọ̀ jù ṣe: kí a máa sè é títí omi rẹ̀ yóò fi dín kù, kí a po sítáàṣì sí i, tàbí kí a lọ ewébẹ̀ kún un. “Mú ọbẹ̀ nípọn” ni mo kọ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ Èdè, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ ìtumọ̀. “Nípọn” kò bá ọbẹ̀ mu. Aṣọ òfì nípọn, pákó nípọn. Ohun tí ènìyàn lè fi ìka méjì mú kí ó fi mọ bí ó ti tó ni a ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ní ti ohun tí ń ṣàn, bí ẹ̀kọ, gbẹ̀gìrì àti ọbẹ̀ ata, “ki” ni a ń sọ, ohùn àárín sì ni ó wà lórí rẹ̀, kí a má baà kà á bí “kí” ti ìkíni tàbí “kì” ti oríkì. Láti ara rẹ̀ ni mo fi dábàá pé kí a pe iṣẹ́ náà ní “ìmọ́bẹ̀ki”, kí a sì pe ohun tí a fi ń ṣe é ní “amọ́bẹ̀ki”, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣẹ̀dá “amóhùnmáwòrán”. Ọ̀nà kejì nìkan ni mo rí tí ó yẹ kí ó ní orúkọ ọ̀tọ̀. Ògì ni sítáàṣì, gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé ògì tí a bá sè máa ń dì, nítorí náà “ìmọ́bẹ̀dì” ni kí ẹ kọ síbẹ̀.

Ìyàwó Tuntun, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi náà ní irú ìṣòro yìí. Ewédú inú fírísà ni mo ń rà níhìn-ín, bí mo bá sì sè é tán tí mo fi ìjábẹ̀ lù ú, ńṣe ni yóò ṣàn bí omi, kò ní í yọ̀ rárá. Ṣé kí n po sítáàṣì àgbàdo díẹ̀ sí i ni, àbí kí n jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná kí omi rẹ̀ lè gbẹ?

Ìyá Alásè, Ìbàdàn

Mo kí gbogbo yín. Ìyàwó wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè tìrẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn. Ewédú kì í ki, yíyọ̀ ni ó ń yọ̀, bí o bá sì po sítáàṣì sí i, ẹ̀kọ aláwọ̀ ewé ni yóò dà. Má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná, nítorí iná ni ó ń pa yíyọ̀ rẹ̀. Ewé inú fírísà ti gbé omi tirẹ̀ dání, nítorí náà omi tí ó kéré gan-an ni kí o kọ́kọ́ gbé kaná, kí ó hó kí o tó da ewé sí i.

Ọ̀rọ̀ Olùkọ́ wa lórí “ki” tọ̀nà, mo sì fara mọ́ “amọ́bẹ̀ki”. “Dì” ni n kò fara mọ́. Ẹ wo ògì kan náà. Bí a bá sè é tán tí ó ṣì gbóná, ẹ̀kọ mímu ni, ó ki, síbẹ̀ ó ń ṣàn bọ́ láti ojú ìgbákọ. Bí a bá wá fi ewé pọ́n ọn tí ó tutù, a lè tú ewé náà kúrò kí ẹ̀kọ dá dúró fúnra rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ó tó dì. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó dúró ti ìkòkò, nítorí pé ọbẹ̀ tí a po sítáàṣì sí yóò tún máa ki sí i bí ó bá ti ń tutù, a sì gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ó ṣì ṣàn díẹ̀ ju bí a ti fẹ́ ẹ lọ. Bí ìwé bá wí fún ọmọ iṣẹ́ pé kí ó mú ọbẹ̀ dì, yóò máa po sítáàṣì kún un títí yóò fi rí i pé ó dì lórí iná, kí ó sì tó gbé e dé iwájú oníbàárà, ọ̀bẹ ni wọn yóò fi gé e.

Sítáàṣì kì í sì í ṣe ògì gan-an. Ó máa ń tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí a fi ń rẹ àgbàdo kí a tó lọ̀ ọ́ fún ògì, ìdí nìyẹn tí ó fi ń kan, kíkan yẹn yóò sì bá a wọ inú ọbẹ̀. Nínú ọbẹ̀ ata, ẹnu lè má tètè fura. Nínú omi ẹran tí a kò fi ata púpọ̀ sí, yóò hàn kedere. Sítáàṣì àgbàdo inú páálí kò kan. Ṣíbí ìjẹun kan rẹ̀ tó fún ife ọbẹ̀ kan. Omi tútù tí ó tó ìlọ́po méjì rẹ̀ ni kí a fi pò ó kí a tó dà á sínú ọbẹ̀ tí ń hó, nítorí pé bí a bá da ìyẹ̀fun gbígbẹ lé ọbẹ̀ gbígbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti jinná kí omi tó ráyè wọ inú, yóò sì di kókó. Kí a máa rò ó bí a ti ń dà á, kí ó hó fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì títí ìtọ́wò ìyẹ̀fun tútù yóò fi kúrò lẹ́nu, ó ti tó nìyẹn. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó máa hó lọ lẹ́yìn èyí, pàápàá nínú ọbẹ̀ tòmátì, yóò rí i tí ó tún ń ṣàn padà, nítorí pé kíkan tòmátì àti iná pípẹ́ máa ń tú ohun tí sítáàṣì ti so pọ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ó gba ìtọ́jú jù, òun náà sì ni “ìmọ́bẹ̀ki” kò sọ tán. Nínú ọ̀nà yìí, a kò fi nǹkan kan kún ọbẹ̀, omi ni a ń lé kúrò. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọbẹ̀ ata tí ó tó ife 6 wà lórí iná, iyọ̀ rẹ̀ sì ti dọ́gba. A ṣí ìdérí, a jẹ́ kí ó máa hó títí ó fi ku ife 4. Omi nìkan ni ó bá afẹ́fẹ́ lọ, iyọ̀ àti mágì kò bá a lọ, gbogbo iyọ̀ ife 6 ni ó ti kó sínú ife 4. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ tí wọ́n “tún ṣe” fi máa ń níyọ̀ jù, ẹni tí ó sè é yóò sì máa bú iyọ̀ ọjà. Ìparí ni iyọ̀ ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ẹlẹ́nu gbòòrò ni kí a lò, nítorí ojú ọbẹ̀ ni omi ti ń lọ. Nínú ìkòkò tóóró, ẹran yóò ti rọ̀ jù kí omi tó fà. Bí a ti ń mọ̀ pé ó ti tó ni pé kí a fa ṣíbí igi kọjá ní ìsàlẹ̀ ìkòkò: bí ọ̀nà ṣíbí bá padé lójú ẹsẹ̀, omi ṣì pọ̀, bí ó bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó padé, ó ti ki. Ata náà yóò ti máa ta síni lára nígbà yẹn, òróró yóò sì ti yọ sójú rẹ̀.

Ẹni tí ń sọ Yorùbá kò ní orúkọ fún èyí, gbólóhùn ni ó ní: “jẹ́ kí omi rẹ̀ fà”. Mo fẹ́ kí a dá a sí bẹ́ẹ̀.

Ní ti ewébẹ̀ lílọ̀, n kò rí ìdí tí a fi ń wá orúkọ fún un. “Fi tàtàṣé lílọ̀ mú un ki” ti yé ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ kí Olùtumọ̀ má ṣe gbàgbé ni pé tòmátì tí a lọ̀ ní tútù tí a sì fi sílẹ̀ máa ń yọ omi sọ́tọ̀, nítorí pé kété tí a bá ti lọ̀ ọ́ ni ohun kan láti inú tòmátì fúnra rẹ̀ ti ń jẹ èyí tí ó di ẹran ara rẹ̀ mú. Iná ni ó ń dá a dúró. Kí a gbé e kaná bí ó bá ti ń ti ẹ̀rọ bọ̀, tàbí kí a bọ tòmátì kí a tó lọ̀ ọ́, yóò ki ju èyí tí ó sùn sínú abọ́ lọ.

Olùtumọ̀, Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ìyá wa. Ìṣòro mi ni pé ìwé náà ní àkọlé, gbólóhùn kò sì wọ inú àkọlé. Mo ti dán “ìdínmikù” wò fún ọ̀nà àkọ́kọ́. Nígbà tí mo fi han ọmọ iṣẹ́ kan, ìgbákọ ni ó mú tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi ọbẹ̀ dànù, adùn ẹran sì bá omi náà lọ. N kò lè dá a lẹ́bi, nítorí bíbù dànù náà ń dín omi kù. “Ìsègbẹ” ń bà mí lẹ́rù, nítorí ọbẹ̀ tó gbẹ ti súnmọ́ èyí tó jóná. Ṣé “ìsèfà” yóò dára?

Ọmọ Awo, Òṣogbo

Ẹ dákun, ẹ má ṣe lo “ìsèfà”. Púpọ̀ nínú àwọn tí yóò ka ìwé yìí lórí fóònù kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, “ìsẹ̀fá” ni wọn yóò sì kà, ètò ìsìn gidi sì ni ìyẹn fún wa. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó hàn pé iná ni ó ń dín omi kù, ẹ fi “sísè” ṣíwájú: “sísè dín omi kù”.

Olùkọ́ Èdè, Ìlọrin

Mo gba ọ̀rọ̀ Ìyá lórí “dì”: mo yọ “ìmọ́bẹ̀dì” kúrò, kí a fi “dì” sílẹ̀ fún ohun tó ti tutù. “Fà” ni mo ṣì ń kọminú sí, nítorí ilá náà ń fà, ọbẹ̀ àpọ̀n náà ń fà, ìfà tiwọn kì í sì í ṣe ti omi tó ń lọ. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá kà á pé kí ó jẹ́ kí ọbẹ̀ fà lè lọ wá àpọ̀n.

Ìyá Alásè, Ìbàdàn

Olùkọ́, ẹ wo ẹni tí ń ṣe é. Ilá ni ó ń fà nínú gbólóhùn yín. Nínú tèmi, omi ni. Bí “omi” bá ti wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wá àpọ̀n lọ.

Olùtumọ̀, Ọ̀yọ́

“Ìmọ́bẹ̀ki” ni mo kọ sí orí ẹ̀kọ́ náà, mo sì fi “sísè dín omi kù” ṣe àkọlé abẹ́ rẹ̀. Nínú ìlànà fúnra rẹ̀, “jẹ́ kí omi rẹ̀ fà” ni mo lò, pẹ̀lú ife 6 àti ife 4 ti Ìyá. Ó ku “sítáàṣì”. Aṣọ tí wọ́n lọ̀ tí ó le gan-gan ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ń rántí bí wọ́n bá gbọ́ ọ, ẹnì kan sì ti bi mí bóyá ti aṣọ náà ni kí òun rà. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò ní í fa “ògì” àti kíkan rẹ̀ wọlé.